Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn: báwo ni kí n ṣe wí i?

Abẹ́ẹ̀ní Òde (Ìjẹ̀bú-Òde), ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kí n tó ya ẹnu sọ ohun tí mi ò ní lè kó mọ́.

Ní Ọjọ́ Ajé, tó di ọjọ́ kẹrìnlá lónìí, mò ń rin ewùrà tí mo fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́. Ẹ mọ̀ bí ewùrà ṣe máa ń yún èèyàn lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ pé kí n fa aṣọ mi nu ọwọ́, fóònù sì já láti àpò bùbá bọ́ sínú báàfù ewùrà tí mo ti rin. Nígbà tí mo fi yọ ọ́, ewùrà ti dí ihò tí a fi ń gba iná sí i, ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ wìnyín wìnyín, ó sì kú. Mo gbé e fún ọmọ tó ń tún un ṣe. Ní Ọjọ́rú mo fi síìmù mi sínú fóònù onítọ́ọ̀ṣì kan. Fóònù gangan padà dé ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe tan án, mẹ́sééjì 612 ló rọ́ wọlé bí ìgbà tí wọ́n da àpò ẹ̀wà nù. Àyà mi já. Mo pa á dé. Mo ní n ó kà á lálẹ́. Mi ò kà á lálẹ́. Títí di òní, mi ò tíì dá ẹnì kan lóhùn.

Ìwé tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn pọ̀ nìyí:

"Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi. Fóònù mi ló bàjẹ́, àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé. Ẹ ṣeun fún ìfẹ́ yín. N ó dá gbogbo yín lóhùn láìpẹ́."

Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ohun méjì ń dà mí láàmú. Èkíní, owó aṣọ Ojúde Ọba ẹgbẹ́ wa wà lọ́wọ́ mi. Ìkejì, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ka ìwé ní Àgọ́-Ìwòyè pàdánù ìyá rẹ̀ láàárín ọjọ́ yìí.

Sùnmọ́nù 'Gbó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Àǹtí, ẹ ń fi nǹkan kékeré da ara yín láàmú. Ẹ lọ sí Settings Wasáàpù, ẹ wọ Privacy, ẹ pa Read receipts. Máàkì búlúù ò ní jáde mọ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ẹ ti rí ohunkóhun. Ẹ ṣáà sọ pé àná ni fóònù dé. Ta ló fẹ́ bẹ yín wò?

Ayọ̀ Atúnfóònùṣe (Ṣàgámù)

Bọ̀dá Sùnmọ́nù, ìdajì ọ̀rọ̀ yín ló jóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n, torí iṣẹ́ mi nìyí, mo sì ti rí ibi tí irú irọ́ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Nígbà tí fóònù ẹ̀gbọ́n wà ní kíkú, máàkì kan ṣoṣo ni àwọn tó ń kọ̀wé sí wọn ń rí. Ìyẹn ni pé ìwé ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ ṣùgbọ́n kò tíì débi tó ń lọ. Wasáàpù máa ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ dè yín fún ọgbọ̀n ọjọ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí gbogbo 612 fi rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ ìṣẹ́jú tí ẹ tan fóònù lọ́jọ́rú yẹn, máàkì náà di méjì lórí fóònù gbogbo wọn. Kò tíì di búlúù, ṣùgbọ́n ó ti di méjì. Read receipts tí bọ̀dá ní kí ẹ pa, búlúù nìkan ló lè dá dúró. Kò lè dá máàkì méjì dúró. Nínú ẹgbẹ́ gan-an, kò tilẹ̀ dá búlúù dúró. Bí wọ́n bá gba ohùn ránṣẹ́ tí ẹ sì gbọ́ ọ, yóò hàn pé ẹ ti gbọ́ ọ, bí ẹ pa á bí ẹ ò pa á.

Èyí tó burú jù ni pé bí ẹnì kan bá di ìwé tó kọ sí yín mú pẹ́, tó tẹ Info, yóò rí ọjọ́ àti aago tó dé ọ̀dọ̀ yín. Yóò kà á: Ọjọ́rú, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ̀yin wá kọ̀wé pé "àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé". Ẹni tí kò bínú tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bínú láti ibẹ̀.

Abẹ́ẹ̀ní Òde

Yéè! Mi ò mọ ti Info yẹn rí o. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo tan án lóòótọ́.

Màmá Kẹ́hìndé (Òde-Rẹ́mọ)

Ayọ̀ ọmọ mi, níwọ̀n ìgbà tí o ti mọ nǹkan báyìí, bá mi wo tèmi. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà lókè òkun, ó ti tó oṣù kan tí máàkì kan ṣoṣo ń wà lórí ohun tí mo bá kọ sí i. Àwòrán rẹ̀ náà ti kúrò lójú ibẹ̀. Àbí ó ti tì mí mọ́ta?

Ayọ̀ Atúnfóònùṣe

Màmá, ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó tì yín, ó lè jẹ́ pé ó pààrọ̀ nọ́ńbà, ó sì lè jẹ́ pé fóònù rẹ̀ ló sọnù tí ó tún yọ àwòrán kúrò kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Láti ìhín yìí, a ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ẹlòmíì pè é, kí ẹ sì bi àwọn tí wọ́n jọ ń gbé. Ẹ jẹ́ ká má da ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rú.

Màmá Kẹ́hìndé

Kò burú. N ó ní kí àbúrò rẹ̀ pè é. Abẹ́ẹ̀ní, ṣé o rí ohun tí èmi ń sọ? Ẹni tó dákẹ́ kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́kàn ẹni tó ń retí rẹ̀. Oṣù kan ni mo ti fi ń wo máàkì kan.

Akápò Àtijọ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Abẹ́ẹ̀ní, èmi fẹ́ mọ̀ nípa owó. Ọdún méjìlá ni mo fi ṣe akápò ẹgbẹ́ wa, ojú mi ti rí nǹkan. Ẹni tó ní owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ kú láti Ọjọ́ Ajé, bó bá máa fi di Jímọ̀ àwọn kan á ti ní ó ti na owó. Wọn kì í kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́, wọ́n á máa pe ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èló ni? Èèyàn mélòó ló san? Èló lo ti san jáde?

Mo tún ní ìbéèrè kan, má bínú. O ní síìmù wà nínú fóònù onítọ́ọ̀ṣì láti Ọjọ́rú àkọ́kọ́. Ìpè á ti máa wọlé nígbà náà. Ṣé wọn ò pè ọ́ ni?

Abẹ́ẹ̀ní Òde

Bọ̀dá, ẹ ti fọwọ́ kan egbò.

Wọ́n pè. Ṣùgbọ́n inú fóònù tó kú ni orúkọ gbogbo èèyàn wà, kì í ṣe inú síìmù. Nọ́ńbà lásán ló ń jáde lórí fóònù onítọ́ọ̀ṣì. Nọ́ńbà ọkọ mi àti ti ìyá mi nìkan ni mo mọ̀ sórí. Lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́ mo gbé ìpè mẹ́ta: ọ̀kan jẹ́ oníbàárà, ọ̀kan ṣi nọ́ńbà, ẹ̀kẹta jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó san owó aṣọ, ohùn rẹ̀ sì le. "Ṣé o ṣì wà láyé?" ló fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, tí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ bá ti jáde, mo máa ń jẹ́ kó dún tán. Mi ò lè purọ́ fún yín. Fóònù ló kọ́kọ́ mú mi dákẹ́, lẹ́yìn náà ojú ń tì mí. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ ni ojú túbọ̀ ń tì mí sí i.

Owó náà: èèyàn 11 ló san, ₦25,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Mo ti san ₦200,000 fún aláṣọ kí fóònù tó ṣubú, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. ₦75,000 tó kù wà ní báńkì, mi ò fọwọ́ kàn án.

Akápò Àtijọ́

Ó dáa. Nígbà náà má ṣe fi ìwé kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn. Ẹni tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ kò fẹ́ gbọ́ "ẹ ṣeun fún ìfẹ́ yín". Owó rẹ̀ ló fẹ́ gbọ́. Ìṣirò ni kó ṣáájú, ẹ̀bẹ̀ á tẹ̀ lé e. Bí o bá fi ẹ̀bẹ̀ ṣáájú, wọ́n á rò pé ẹ̀bẹ̀ náà ń bọ̀ wá sórí owó.

Kọ ọ́ báyìí sínú ẹgbẹ́ àwọn tó san:

"Ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ owó wa ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin 11 lẹ san ₦25,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦275,000. Mo san ₦200,000 fún aláṣọ, rìsíìtì rẹ̀ nìyí. ₦75,000 tó kù wà ní báńkì, àwòrán rẹ̀ nìyí. Fóònù mi bọ́ sínú ewùrà ní Ọjọ́ Ajé ọjọ́ kẹrìnlá àná, ó padà dé lọ́jọ́rú tó kọjá. Láti Ọjọ́rú yẹn títí di òní, ẹjọ́ mi ni, kì í ṣe ti fóònù. Ìwé tí mo bá nílẹ̀ pọ̀, ojú tì mí, mo sì pa á dé. Ẹ fi orí jì mí. Ẹni tí kò bá fẹ́ aṣọ náà mọ́, kó sọ kí n dá owó rẹ̀ padà."

Bí o bá ya ojú fóònù níbi tí owó báńkì wà, fi nǹkan bo nọ́ńbà àkáǹtì rẹ àti owó tìrẹ tó wà níbẹ̀. Kí wọ́n rí ti ẹgbẹ́ nìkan.

Bọ̀dá Ìpẹru (Ìpẹru-Rẹ́mọ)

Akápò, ìwé yín dùn, àmọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn máa dá wàhálà sílẹ̀. ₦75,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni mẹ́ta péré nìyẹn máa tó. Bí ẹni márùn-ún bá ní àwọn fẹ́ gba owó àwọn, níbo ni yóò ti rí ₦50,000 yòókù? Aláṣọ kì í dá owó padà bó bá ti gé aṣọ. Yóò wá tún dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kejì ò sì ní ṣeé ṣàlàyé.

Akápò Àtijọ́

O ṣeun, àbúrò. Òótọ́ ni, mi ò ṣe ìṣirò yẹn. Kí ó kọ ọ́ pé: "Ẹni tí kò bá fẹ́ aṣọ náà mọ́, kó sọ, a ó wá ẹni tó máa gba tirẹ̀, owó rẹ̀ á sì padà nígbà tí ẹni yẹn bá san." Èyí kò ju agbára rẹ̀ lọ.

Kó tún sọ ọjọ́ tí aṣọ máa jáde, lẹ́yìn tó bá ti pe aláṣọ. Má ṣe kọ "láìpẹ́". Láìpẹ́ kì í ṣe ọjọ́.

Abẹ́ẹ̀ní Òde

Mo ti pe aláṣọ báyìí. Ó ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo bi í pé ṣé ó dájú, ó ní àfi bí iná ò bá wà. N ó kọ Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e fún wọn, kí n má baà tún jẹ gbèsè ọ̀rọ̀.

Àwọn yòókù ńkọ́? Àwọn tó kàn kí mi, tí wọ́n ní "ṣé àlàáfíà ni", wọ́n tó ogójì. Mo ti rò ó pé kí n ṣe brọ́díkáàsì fún wọn.

Ayọ̀ Atúnfóònùṣe

Ẹ̀gbọ́n, brọ́díkáàsì kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá kọ nọ́ńbà yín sínú fóònù rẹ̀. Ẹ̀yin á rò pé ẹ ti sọ fún ogójì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn ò ní rí nǹkan kan, kò sì ní sí àmì tó máa sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ẹ fi í sí sítátọ́ọ̀sì yín. Ìyẹn náà, ẹni tó bá kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀ tí ẹ̀yin náà sì kọ tirẹ̀ sílẹ̀ ló máa ń rí i, ọjọ́ kan péré ló sì ń lò kó tó pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, kò ṣe bí ẹni pé ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ kọ ọ́ sí.

Bí ẹ bá sì fẹ́ wo ohun tí ẹnì kan kọ láìjẹ́ pé máàkì di búlúù kí ẹ tó ronú ohun tí ẹ máa wí, ẹ fa òkè ojú fóònù wálẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹ kà á níbẹ̀, ẹ má ṣí i. Èyí ò ṣeé ṣe mọ́ fún èyí tó ti wọlé látijọ́ tí ẹ sì ti gbá kúrò.

Ìyá Ìlíṣàn (Ìlíṣàn-Rẹ́mọ)

Mo ń ka gbogbo yín láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ ń sọ ti máàkì, ẹ̀ ń sọ ti owó. Ta ló ń sọ ti ọ̀fọ̀?

Abẹ́ẹ̀ní, ọjọ́ wo ni ìyá ọ̀rẹ́ rẹ kú? Ọjọ́ wo lo sì mọ̀?

Abẹ́ẹ̀ní Òde

Màmá, Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Musulumi ni wọ́n, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin wọ́n. Ó kọ ọ́ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà: "Màmá ti lọ o. Aago mẹ́rin ni a ó kírun sí wọn lára." Nígbà yẹn fóònù mi kú, mi ò mọ nǹkan kan. Ọjọ́rú tí mo tan fóònù ni mo rí i.

Ìyá Ìlíṣàn

Fìdáù ọjọ́ kẹjọ ńkọ́?

Abẹ́ẹ̀ní Òde

Jímọ̀ tó kọjá yìí ni.

Ìyá Ìlíṣàn

Nítorí náà o mọ̀ lọ́jọ́rú, fìdáù wáyé ní Jímọ̀, o ò sì lọ.

Abẹ́ẹ̀ní Òde

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo wọṣọ. Mo débi ọkọ̀. Mo rò ó pé wọ́n máa bi mí níbo ni mo wà láti ọjọ́ yìí, níwájú gbogbo èèyàn. Mo padà sílé.

Ìyá Ìlíṣàn

Ó ṣeun tí o sọ ọ́. Gbọ́ tèmi. Má ṣe kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ yìí rárá. Má pè é pẹ̀lú, àfi kí o bi í pé ṣé ó wà nílé. Ọ̀fọ̀ tí èèyàn pẹ́ kí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kí i. Lọ lọ́la. Má lọ ní ọwọ́ òfo. Se oúnjẹ sínú kúlà, nítorí ní ọ̀sẹ̀ kejì gbogbo àwọn tó ń gbé oúnjẹ wá á ti lọ, ilé á sì ti dá.

Bí o bá débẹ̀, má fi fóònù bẹ̀rẹ̀. Má sọ ti ewùrà. Kí i: "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Ọlọ́hun á fi orí jìn wọ́n, á sì fi Àlùjánnà ṣe ibùgbé wọn." Jókòó. Jẹ́ kó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe kú. Ó ti sọ ọ́ fún ọgọ́rùn-ún èèyàn, yóò tún sọ ọ́ fún ọ. Ìgbà tó bá sọ ọ́ tán ni wàá tó ní, "Mi ò wá nígbà tó yẹ kí n wá. Mo mọ̀ lọ́jọ́rú." Ó tán. Bí ó bá bi ọ́ ìdí, kó o wá sọ ti fóònù.

Sùnmọ́nù 'Gbó

Màmá, ẹ jọ̀wọ́, èmi ò gbà. Kí ló dé tó fi máa sọ "mo mọ̀ lọ́jọ́rú"? Ìyẹn á dun ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí i. Kó ní fóònù òun bàjẹ́, ó kúkú bàjẹ́ lóòótọ́. Kì í ṣe irọ́.

Bọ̀dá Ìpẹru

Sùnmọ́nù, o ti gbàgbé ohun tí Ayọ̀ wí. Máàkì méjì ti hàn lórí "Màmá ti lọ o" láti Ọjọ́rú. Ìwé yẹn, tó bá jẹ́ ìwọ lo kọ ọ́, ṣé o ò ní wò ó lójoojúmọ́?

Àmọ́ ní ti pé kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n bi í, èmi náà ò mọ̀. Nílé ọ̀fọ̀, ẹni tó bá ń jẹ́wọ́ lè sọ ọ̀fọ̀ di tara rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wá máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo ti rí i rí.

Ìyá Ìlíṣàn

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní gbólóhùn kan péré, kó sì dákẹ́. Bí omijé bá ń bọ̀, kó gbé e mì.

Abẹ́ẹ̀ní Òde

Ìbéèrè kan ló kù, ojú sì ń tì mí láti bi í. Àwọn kan lára àwọn tó kí mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà mí. Ọ̀kan wà tó máa ń sọ ọ̀rọ̀ èèyàn ká ìlú. Kí ni kí n sọ fún un láìpurọ́?

Akápò Àtijọ́

Kì í ṣe gbogbo èèyàn lo jẹ ní àlàyé. "Fóònù mi bàjẹ́ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo sì jìnnà sí i lẹ́yìn náà. Mo ti padà. Báwo ni tẹ̀yin?" Gbogbo rẹ̀ ni òótọ́, kò sì sí ọjọ́ kankan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè lọ fi Info yẹ̀ wò. Fi ìbéèrè parí rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tara rẹ̀. Irú wọn kì í tún padà sórí tìrẹ.

Ayọ̀ Atúnfóònùṣe

Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí: ẹ wọ ibi tí ẹ ti ń kọ nọ́ńbà, ẹ rí i pé orí àkáǹtì Gúgù yín ni wọ́n ń wọ̀, kì í ṣe inú fóònù nìkan. Ká ní wọ́n wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, ẹ ò bá ya fóònù ọkọ yín, kí ẹ wọlé, kí ẹ rí nọ́ńbà ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ pè é lọ́jọ́ kẹta. Ẹ sì kọ nọ́ńbà márùn-ún sínú ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín.

---

Abẹ́ẹ̀ní Òde, Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án alẹ́

Mo padà wá jábọ̀.

Mo kọ ìwé ti owó sínú ẹgbẹ́ ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, bí Bọ̀dá Akápò ṣe tún un ṣe. Láàárín wákàtí kan, ẹni méje ti fèsì. Ẹni tó pè mí tí ohùn rẹ̀ le yẹn kọ "Ó dáa" nìkan, kò fi nǹkan kan kún un. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní òun ò fẹ́ aṣọ mọ́. Àbúrò ọ̀kan nínú wọn gba tirẹ̀, ó ti san. Àwọn ẹni mẹ́rin tó kù, búlúù ti jáde lórí wọn, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo wá mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn.

Àwọn ogójì yẹn, mo dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, márùn-ún márùn-ún lóòjọ́, mo ṣì wà lórí ẹ̀. Ti asọ̀rọ̀-ká-ìlú ṣiṣẹ́ gan-an. Ó sọ ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún fún ogún ìṣẹ́jú.

Mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi lánàá. Mo se ìrẹsì àti ọbẹ̀, mi ò jẹ́ se ìkọ́kọrẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì ro ojú. Ó bu omi fún mi. Ó sọ bí Màmá ṣe kú, láti ìgbà tí wọ́n ní àyà ń dùn wọ́n títí dé mọ́ṣáláṣí. Mi ò dá a lẹ́nu. Nígbà tó sọ ọ́ tán, kí n tó ya ẹnu, òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́: "Ó ti di máàkì méjì lọ́jọ́rú." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí i lọ́jọ́rú. Mi ò wá." Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé ṣé n ó tún omi mu. A ò sọ ọ́ mọ́. Nígbà tí mo ń lọ, kò sìn mí dé ojú títì bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ yìí ó gba ohùn ránṣẹ́ sí mi, kò gùn rárá. "O gbàgbé kúlà rẹ síbí." Mo ti gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, mi ò mọ̀ bóyá inú ń bí i tàbí inú ò bí i.

Sùnmọ́nù 'Gbó

Inú ń bí i, Àǹtí. Ẹni tí inú ò bí á ti ní "ẹ kú ìnáwó oúnjẹ".

Bọ̀dá Ìpẹru

Ẹni tí inú ń bí kì í pe èèyàn sórí kúlà. Á kàn fi ọmọ rán an ni.

Ìyá Ìlíṣàn

Ẹ fi í sílẹ̀. Abẹ́ẹ̀ní, ọjọ́ kẹjọ ti kọjá, ogójì ọjọ́ ń bọ̀, ka ọjọ́ rẹ̀ láti Jímọ̀ yẹn kí o sì kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà. Ní ti kúlà, má rán ẹnikẹ́ni lọ gbà á. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o lọ, lọ́jọ́ Àìkú.

Abẹ́ẹ̀ní Òde

Mo ti fèsì, mà: "Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn aago mẹ́rin." Máàkì méjì. Kò tíì di búlúù.